Nígbà tí ara ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lu bá ṣàdédé yá

Ẹ̀yin àbúrò mi níbi ìwọ̀n ọmọ, ẹ ní kí n kọ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lu nìkan ni màá sọ, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹnì kan nínú yín tó kọ "ọkàn dára" sórí káàdì ọmọ ọjọ́ méjì.

Èkíní nìyẹn. Ihò tó wà lára ògiri tó pààlà yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì ọkàn kì í sábà dún lọ́jọ́ ìbí. Iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun ṣì fún, ipá ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún àti ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ihò náà kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni iṣan wọ̀nyẹn ń tú, tí ẹ̀jẹ̀ apá òsì á máa ya sí ọ̀tún, tí á sì kún ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà náà ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ariwo wọn bí ihò ṣe tóbi tó o. Ihò bíńtín ló sábà máa ń pariwo jù, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló sì ń dí fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, láìlo oògùn kankan. Ẹ sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kó lè rí oorun sùn.

Èkejì, ọmú ni kí ẹ bi ìyá. Ọmọ tí ihò rẹ̀ tóbi á mu díẹ̀, á dúró mí, iwájú orí rẹ̀ á máa làágùn, á sì sùn lọ láìyó. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò bá sunkún. Tí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó 60, ó ti yára jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan láti abúlé kan lẹ́yìn Kàbà. 3.1 kílò ni wọ́n bí i. Nígbà tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 3.4 ni òṣùwọ̀n kà, ó sì yẹ kó ti lé ní 4. Èémí rẹ̀ jẹ́ 68, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti sọ̀ wálẹ̀ kọjá eegun ìhà. Òtútù àyà ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ fún níbòmíì. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbé e lọ Ìlọrin, wọ́n ya àwòrán ọkàn tí a ń pè ní ẹ́kò. Ihò ńlá ni. Wọ́n fún un ní oògùn fúrósémáìdì àti kápítópríìlì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa múra iṣẹ́ abẹ kó tó pé ọdún kan. Owó kajú ni ẹbí fẹ́ fi ṣe é.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ara ọmọ yá. Èémí rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sanra, ìyá àgbà ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá kan ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ariwo ti dínkù, ihò ń dí, kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún ẹ́kò ya kọ́kọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa." Títí di òní ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Ihò ò dí rárá. Ipá ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró ti mú kí iṣan ibẹ̀ yi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Bí wọ́n ti ń le sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ihò kọjá ń dínkù, ariwo ń lọ sílẹ̀, èémí ń rọlẹ̀, gbogbo ilé sì ń yọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀ ì bá mọ̀: èkejì nínú ìró méjèèjì á máa dún gbà, ó le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ náà ti ń lọ ilé ìwé nígbà tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú tó bá sáré. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ka 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ti yí ọ̀nà padà, láti ọ̀tún sí òsì. Ní Ìlọrin wọ́n ní kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́: ihò yẹn ni ọkàn fi ń mí báyìí, tí wọ́n bá dí i, apá ọ̀tún ò ní lè ta ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tó ti le.

Nítorí náà, ọmọ tí kò sanra láìka oògùn sí ń lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tí ihò rẹ̀ tóbi tí ipá inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga ń lọ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ti ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn Dáùn kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí iṣan tirẹ̀ tètè ń le. Ihò tó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, tó sì ń fa ilẹ̀kùn náà tí ó fi ń jò, wọ́n ń dí òun náà, ì báà kéré. Ẹ sọ fún òbí pé wọn á la àyà, ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ ọkàn ṣe fúngbà díẹ̀, wọn á sì rán àbùlẹ̀ bo ihò.

Tí ìyá bá sì ní ara ọmọ òun ti yá, ẹ bá a dúpẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́ ẹ́kò tó kàn sórí káàdì rẹ̀ kó tó kúrò níwájú yín.