Síìpù tí ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Adó-Èkìtì. Nọ́ńbà àkáǹtì, gbèsè tí kálukú jẹ àti fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ wọn ni mo máa ń dì sínú síìpù kan, kí n tó fi ránṣẹ́ sí màmá akápò wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé síìpù méjì lè bèèrè pásíwọ́ọ̀dù bákan náà, kí ọ̀kan lágbára, kí èkejì má sì lágbára rárá. Ọ̀nà tí a gbà tì í ló fà á.

ZipCrypto ni ọ̀nà àtijọ́. Ní 1994 ni Eli Biham àti Paul Kocher ti fi hàn pé ó ṣeé já láì méfò pásíwọ́ọ̀dù rárá. Bí ẹnì kan bá ti mọ nǹkan bíi báìtì 12 nínú fáìlì kan ṣoṣo, ó tó o ṣiṣẹ́. Fọ́tò PNG ló sì burú jù níbí, torí báìtì 16 àkọ́kọ́ inú gbogbo PNG ló bára mu. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì mọ́, nítorí náà síìpù lè kó o sínú bó ṣe wà. Ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ lára fọ́tò yẹn á fi ṣí gbogbo fáìlì tí a fi pásíwọ́ọ̀dù kan náà tì, ìwé gbèsè pẹ̀lú. Bó ti wù kí pásíwọ́ọ̀dù gùn tó, kò lè dá èyí dúró.

Tí ẹ bá ń fi 7-Zip ṣe síìpù, ZipCrypto ló máa ń mú fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí `Encryption method`, ẹ yan `AES-256`. Èyí tí ẹlòmíì bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ lè wò ó báyìí:

```
7z l -slt gbese.zip
```

Ẹ wo ìlà `Method`. Bí ẹ bá rí `ZipCrypto` níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un dì.

Ẹ óò rí nǹkan mìíràn: àṣẹ yẹn kò bèèrè pásíwọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ó to orúkọ gbogbo fáìlì sílẹ̀. AES-256 kì í bo orúkọ fáìlì nínú síìpù. Nítorí náà mi ò kì í fi orúkọ onígbèsè sọ fáìlì. Bí orúkọ bá gbọ́dọ̀ pamọ́, ẹ ṣe é ní fáìlì `7z` dípò `zip`, kí ẹ sì fi àmì sí `Encrypt file names`.

Lórí AES-256, àfi kí olè máa méfò. Ibí ni gígùn pásíwọ́ọ̀dù ti wúlò, torí ẹgbẹ̀rún (1,000) ìgbà péré ni síìpù ń po pásíwọ́ọ̀dù kó tó di kọ́kọ́rọ́, èyí kò sì tó nǹkan lójú kọ̀ǹpútà òde òní. Orúkọ ọmọ àti ọdún tí wọ́n bí i kò ní pẹ́ já. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan ni mo máa ń lò.

Màmá akápò pè mí nígbà kan: "Ọmọ mi, kò mà ṣí o." Wíńdòòsì àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò lè ṣí AES fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi 7-Zip sí i." Ó sì ṣí. Orí fóònù yẹn náà ni mo ti ń ka pásíwọ́ọ̀dù fún wọn, mi ò kì í kọ ọ́ sínú ímeèlì tí síìpù wà.