Fídíò ojú kọ̀ǹpútà yín tóbi jù? Ẹ má fọwọ́ kan fífẹ̀ àwòrán rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láti fi kọ́ èèyàn níṣẹ́, tàbí tẹ́ ẹ máa ń gba ìpàdé Zoom sílẹ̀ fáwọn tí ò ráyè wá, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ẹ̀ rèé: tí fáìlì bá tóbi jù, ẹ má dín fífẹ̀ àwòrán ẹ̀ kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, wọ́n á sọ 1080 di 480, fáìlì á kéré lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́.

Èmi máa ń kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbí l'Òṣogbo bí wọ́n ṣe ń fi Excel ṣe ìwé owó. Àwọn kan nínú wọn ń tajà ní Ìgbọ̀nà, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo fídíò nígbà tí oníbàárà ò bá sí, dátà tara wọn ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ẹnì kan bá wa dín ọ̀kan kù sí 480, ni màmá kan bá pè mí: “Tíṣà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ lèmi rí o, kí ló dé tẹ́ ẹ ń pè é ní mẹ́jọ àbọ̀?” 8,500 ló wà nínú ìwé yẹn. Ojú màmá ò sì ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà tó ga tó píksẹ́ẹ̀lì 12 nínú àwòrán 1080, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 480, gíga ẹ̀ á kù bíi 5 péré, kò wá sáàyè mọ́ tí ihò méjì inú 8 máa gbà, ó máa dà bí 6, ó tún lè dà bí 3. Tẹ́ ẹ bá tún fà á fẹ̀ padà sí 1080, ohun tó ti lọ ti lọ nìyẹn, ńlá tó ṣókùnkùn lẹ máa rí.

Kí ló wá ń jẹ́ kí fáìlì tóbi gan-an? Ẹ wo èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí kan, 1920x1080, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, OBS tí mo fi gbà á sílẹ̀ ni wọ́n ti sẹ́ẹ̀tì sí 2500 Kbps, iye dátà tó ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ pín 2500 sí 8, ẹ sọ ọ́ di wákàtí kan, ó lé ní 1.1GB. Iye kan náà tó ń ná ní gbogbo ìgbà ni gbogbo ìṣòro ibẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lórí ojú ìwé Excel kan láìfọwọ́ kan máòsì, 2500 yẹn náà ló ṣì máa ná, bí ẹni tó ṣátà odidi kòròpé torí ata inú nylọ́ọ̀nù kan.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ bí àwòrán ṣe mọ́ lẹ máa sọ fún ètò tó ń fún fídíò pọ̀, kó wá fúnra ẹ̀ mọ iye tó máa ná. Ibi tí nǹkan ò bá ti yí padà, kò ní ná ju tíńtín lọ, ibi tí ojú ìwé bá ti yí, á ná bó ṣe yẹ. Ohun tí CRF wà fún nìyẹn. ffmpeg ni ètò tí mo fi ń ṣe é, èyí ni mò ń tẹ̀:

```
ffmpeg -i eko.mkv -vf fps=10 -c:v libx264 -preset slow -crf 24 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -ac 1 -b:a 64k -movflags +faststart eko.mp4
```

Wákàtí kan tí mo wí yẹn wá sílẹ̀ láti 1.1GB, kò tó 120MB, 1080 ẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Nọ́ńbà `-crf` yìí, bó bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i tí fáìlì sì ń tóbi sí i. 23 ló máa ń lò tẹ́ ò bá sọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fi 6 kún un, fáìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sáré lọ sí 32, èmi ò ní lọ kọjá 28 tó bá ti jẹ́ pé ìkọ̀wé wà nínú ẹ̀. `fps=10` ń dín àwòrán 30 kù sí 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máòsì á máa fò díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, lẹ́tà ò sì ní yí padà rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi nǹkan tó ń sáré hàn, ẹ lo 15. `-ac 1` ló ń sọ ohùn di ẹyọ kan, ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ò nílò ju 64k lọ, nǹkan bí 29MB ló máa jẹ́ ní wákàtí kan, ẹ má fojú kéré ẹ̀, ohùn 128k nìkan á jẹ 57MB.

Ẹ má kàn jẹ́ kó ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá tí iná ò bá dúró. Ẹ kọ `-ss 00:20:00 -t 60` síwájú `-i`, ìṣẹ́jú kan péré ló máa ṣe láti ìṣẹ́jú 20. Ẹ mú ibi tẹ́ ẹ ti ń yí ojú ìwé lọ sísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ara ẹ̀. Ẹ dá fídíò dúró kété tí ojú ìwé bá dúró, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà tó kéré jù. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí eruku tó yí lẹ́tà ká, tàbí tí ìkọ̀wé bá kọ́kọ́ ṣú kó tó mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, CRF ti ga jù nìyẹn, ẹ yọ 2 nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Orí fóònù ni kẹ́ ẹ ti wò ó o, ibẹ̀ làwọn tẹ́ ẹ ń ṣe é fún máa wò ó.

Tẹ́ ò bá fẹ́ràn títẹ nǹkan báyìí, HandBrake ń ṣe é: ẹ lọ síbi Video, ẹ fi RF sí 24, Framerate sí 10, níbi Audio ẹ mú Mono. Àmọ́ ẹ yẹ Dimensions wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí preset tó bá ní 720 lórúkọ máa dín àwòrán yín kù láìbi yín.

Ìkọ̀wé pupa lórí búlúù ní tiẹ̀ máa ń ṣú, CRF kankan ò lè wá ọ̀nà àbáyọ fún un. Yuv420p yìí, píksẹ́ẹ̀lì mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò, dúdú òun funfun nìkan ló ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún kálukú wọn. `yuv444p` wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù púpọ̀ ò ní ṣí i, kò sì ní ṣàǹfààní kankan tó bá jẹ́ pé 420 lẹ fi gbà á sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà dúdú lórí funfun ni mò ń lò nínú Excel mi, mo sì ń sún un tóbi sí 130% kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ti ìpàdé Zoom, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe tóbi tó. Wákàtí kan tí ò ju 100MB lọ, ẹ fi sílẹ̀, títún un ṣe máa ba ìkọ̀wé jẹ́ lásán. Èyí tó bá tóbi, ojú àwọn tó ń mira nínú fèrèsé kéékèèké yẹn ló ń jẹ ẹ́, ẹ ní kí wọ́n pa kámẹ́rà nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi ìwé hàn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú un láti Gallery, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp á tún un fún pọ̀, 8 á tún di 6.