Kàtídírà Beauvais: àjà òkúta tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí kàtídírà Beauvais ní Faransé. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá lọ sí Párísì, Notre-Dame ni wọ́n ń wò, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé àjà òkúta dúró, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, Beauvais ni kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Párísì ló sìn mí lọ. A wọ rélùwéè ní Gare du Nord, kò sì pẹ́ púpọ̀ tá a fi débẹ̀.

Láti ìdíkọ̀ la ti ń rí ilé náà lókè òrùlé àwọn ará ìlú. Ó ga fíofío, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n gé e lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé wọn ò kọ́ ọ parí ni?" Mo ní, "Wọn ò kọ́ ọ parí o, mà." Ibi pẹpẹ àti apá méjì tó yà sọ́tùn-ún àti sósì nìkan ló wà. Ibi tó yẹ kí ìjọ máa jókòó sí kò sí títí dòní. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ló ṣì wà lórí ilẹ̀ tí wọn ì bá kọ́ ọ sí.

Nígbà tá a wọlé, ẹnu wa kò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Láti ilẹ̀ dé àjà tó nǹkan bíi mítà 48. Ti Notre-Dame kò ju bíi 33 lọ, ti Amiens jẹ́ bíi 42. Òkúta sì ni àjà ọ̀hún, kì í ṣe pákó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Káfíńtà á kọ́kọ́ fi pákó ṣe férémù tó tẹ̀, bíríkìlà á wá to òkúta gbígbẹ́ sórí rẹ̀, láti orí òpó kan lọ dé orí èyí tó wà ní igun kejì. Wọ́n á to òmíràn tó dábùú rẹ̀, wọ́n á sì fi òkúta kan há ibi tí méjèèjì ti pàdé. Eegun àjà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òkúta tó fẹ́lẹ́ dí àárín eegun sí eegun. Àǹfààní rẹ̀ ni pé igun mẹ́rin ni gbogbo ẹrù àjà ń rọ́ lọ, orí òpó ló ń sọ̀ sí. Ògiri tó wà láàárín òpó méjì kò ru àjà mọ́, nítorí náà wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n fi gíláàsì dípò rẹ̀. Wọ́n tún mú orí áàṣì, ìyẹn òkúta tó tẹ̀ láti òpó dé òpó, ṣe ṣóńṣó. Áàṣì tí orí rẹ̀ rí róbótó, bó bá ṣe fẹ̀ tó ló ń ga tó, kò sí ohun tí bíríkìlà lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ti ṣóńṣó lè ga bó bá ṣe wù wọ́n, kódà bí òpó méjèèjì bá sún mọ́ra.

Ní Beauvais, wọ́n lo àǹfààní yìí dé góńgó. Fèrèsé òkè gùn dé abẹ́ àjà, ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí òkùnkùn máa ń bò nínú ṣọ́ọ̀ṣì míì, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn òun náà. Bí oòrùn bá yọ, apá òkè ilé náà á mọ́lẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ojú ẹni á sì máa wá ògiri tó gbé òrùlé dúró láìrí i.

Òde ló wà. Àjà tó tẹ̀ kì í tẹ òpó mọ́lẹ̀ nìkan, ó ń tì í síta pẹ̀lú, bí ìdí àkàbà ṣe máa ń fẹ́ sá nígbà tá a bá fi ti ògiri. A yí lọ sẹ́yìn ilé kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí ohun tó gba agbára yẹn mú: àwọn apá òkúta tó nà láti ara ògiri òkè, tó fò kọjá òrùlé àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́, tó sì fẹ̀yìn ti òpó ńlá tó wà lóde. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gba títì àjà. Èyí tó wà lókè ń gba ìjì tó ń kọlu òrùlé pákó tó bo àjà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni apá yìí fò ní Beauvais. Ó kọ́kọ́ balẹ̀ sórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, kó tó dé ti ìta. Òpó àárín yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́ dáadáa.

Ọdún 1225 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Milon de Nanteuil. Wọ́n parí àjà ibi pẹpẹ ní 1272. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá ọdún 1284, apá kan nínú rẹ̀ ya lulẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi dúró, èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹrù àjà nìkan ló wó o, torí ọjọ́ tí wọ́n yọ férémù lẹrù yẹn ti dé. Nǹkan kan ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò. Jacques Heyman, onímọ̀ ẹ̀rọ, gbà pé mọ́tà tí wọ́n fi lẹ òkúta pọ̀, tó ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Robert Mark ní Yunifásítì Princeton fi ike ṣe àwòṣe ilé náà, ó di ẹrù lé e, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ wo ibi tí ìnira pọ̀ sí. Òpó àárín tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló tọ́ka sí: ìjì ń mú un tẹ̀, mọ́tà rẹ̀ ń sán, títí ọjọ́ fi pé. Àlàyé Mark ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò rí i pé ó tínrín ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ṣì wà nílé, ẹ lè fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n gbin òpó tuntun kọ̀ọ̀kan sáàárín òpó àtijọ́ méjì méjì. Áàṣì tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá pín sí méjì tóóró, eegun àjà sì pọ̀ sí i. Ilé náà dúró, ṣùgbọ́n òkúta gba ibi tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wo ẹsẹ̀ òpó yìí," mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, "lẹ́yìn wíwó ni wọ́n gbìn ín." Ó ní, "Ìyẹn ni wọ́n ṣe há báyìí?" Òun gan-an ni.

Wọn ò tíì kẹ́kọ̀ọ́ tó. Ní 1569 wọ́n parí ilé ìṣọ́ kan sórí ibi tí apá ilé ti pàdé, tó ga tó mítà 153, láìsí ibi ìjókòó ìjọ tí yóò tì í lẹ́yìn níhà ìwọ̀-oòrùn. Ó wó ní ọdún 1573, lọ́jọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tò jáde. Owó tó kù, àtúnṣe ló gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán títí di àsìkò wa. Àwọn irin kan wà tó so àwọn apá òkúta pọ̀ lóde. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nítorí pé kò dùn ún wò, bí ìjì ṣe fẹ́ ni ilé ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni wọ́n bá dá irin padà. Nínú apá àríwá, igi àti irin ràgàjì ni wọ́n fi ti òpó lónìí.

Bí ẹ bá lọ, ẹ dúró síwájú pẹpẹ kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ibi tó yípo lẹ́yìn pẹpẹ kò wó ní 1284. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe wà, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú gíláàsì láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀tún àti òsì yín, níbi tí àwọn òpó tuntun wà. Ẹ mú awò ìwòréré dání, kí ẹ sì lọ láàárọ̀, torí ìhà yẹn ni oòrùn ń gbà wọlé.