Ṣé Ó Ṣì Máa Ń Le Láàárọ̀?

Tí nǹkan ọmọkùnrin ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìbéèrè kan wà tó yẹ ká dáhùn ká tó ra ìgò àgbo kankan: tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó ṣì máa ń le? Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ìdáhùn mi ló sì jẹ́ kó mọ ibi tó máa wá àìsàn mi sí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tá a jọ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn tí wọn ò lè là á lẹ́nu, torí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké.

Àwọn kan gbà pé ìtọ̀ tó kún inú ló ń jẹ́ kó le láàárọ̀. Ìtọ̀ kọ́ ni olórí ohun tó ń fà á. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá, nǹkan rẹ̀ máa ń dìde lójú oorun ní ìgbà 3 sí 5 lóru ọjọ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ìgbà tá a bá ń lálàá ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù, nígbà tí ẹyinjú ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ní àkókò yẹn, apá ọpọlọ tó ń jẹ́ ká wà lójúfò, tó sì ń jẹ́ kí nǹkan ọmọkùnrin rọ̀, á sinmi, ẹ̀jẹ̀ á sì ráyè ya wọ ibẹ̀. Èyí tá a ń bá láàárọ̀, ìkẹyìn wọn ni, tá a kàn bá a lórí ìdúró nígbà tá a lajú.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kó tó lè le lójú oorun, òpójẹ̀ gbọ́dọ̀ là, iṣan gbọ́dọ̀ máa jíṣẹ́, họ́mọ̀nù ọkùnrin gbọ́dọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí ìbẹ̀rù, kò sí “ṣé á ṣeé ṣe lónìí báyìí?” Nítorí náà, tó bá ń le gbandi láàárọ̀ àmọ́ tó ń kọ̀ tí ẹ bá wà pẹ̀lú ìyàwó, ó ṣeé ṣe kí ara wà ní pípé kó jẹ́ pé ọkàn ló ń dààmú. Tó bá jẹ́ pé ó ti lọ láàárọ̀, ó lọ lóru, ó sì lọ lọ́dọ̀ ìyàwó, inú ara ni ká kọ́kọ́ wò.

Tèmi kò ṣàdédé dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, á le díẹ̀, kó tó ṣe nǹkan kan á ti wálẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá fọgbọ́n sọ fún lọ́jà ló ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n jìnnà sí nǹkan dídùn, kí n lọ mu àgbo. Dókítà tí mo lọ bá ní Mẹ́nlándì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì fọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń le?” Mo ní ó ti pẹ́. Kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ Sọ́ńdè tí ẹ ò lọ sọ́jà ńkọ́?”

Ìbéèrè kejì yìí, ẹni tó mọ ìgbé ayé Èkó ló lè bi í. Oorun tá a fi ń lálàá máa ń gùn jù tí ilẹ̀ bá ń lọ mọ́. Ẹni tó ń gbé Agége tàbí Ìkòròdú, tí àláàmù ń jí ní aago mẹ́rin kí gosílóò má bàa ká a mọ́ orí bíríìjì, ó ti gé oorun náà kúrò. Ó lè máa rò pé nǹkan òun ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn ń jí ṣáájú àkókò ni. Torí náà, ọjọ́ tí ẹ bá sùn títí tí ara fúnra rẹ̀ fi jí ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì wò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí kì í ṣe gbogbo àárọ̀ ni ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá pàápàá ń bá a. Ẹ bi ìyàwó yín náà. Tèmi ò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn: “Bàbá Tóyìn, mi ò rí i mọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín ni.”

Ọjọ́ Sọ́ńdè náà ò yàtọ̀. Bí dókítà ṣe gbọ́ ìyẹn, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó sì ní kí n wá ṣàyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀ láìjẹun. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi wo họ́mọ̀nù ọkùnrin kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, torí àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú ara. Họ́mọ̀nù mi tó. Ṣúgà mi jẹ́ 171 mg/dL. Láti 126 mg/dL lọ sókè láìjẹun, tí wọ́n bá tún un ṣe tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n tún un ṣe, kò yí padà.

Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn òpójẹ̀ kéékèèké àti iṣan jẹ́. Òpójẹ̀ tó lọ síbi nǹkan ọmọkùnrin kéré sí ti ọkàn, torí náà ó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí n ṣe àyẹ̀wò ọkàn àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà: irú àìlera yìí lè ṣíwájú àìsàn ọkàn ní ọdún mélòó kan. Ìgbà tí oògùn àti ìjẹun gbé ṣúgà mi wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú pa dà láàárọ̀ Sọ́ńdè, àmọ́ kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àbúrò kan wà ní ìlà ìsọ̀ wa tí tirẹ̀ yàtọ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, lójijì ló bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, koko ni. Yàrá kan péré ni wọ́n ń gbé ní Múṣin, kọ́tìnnì ló wà láàárín àwọn àti ìyá rẹ̀. Dókítà ò kọ oògùn kankan fún un. Ó ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ pa ìbálòpọ̀ tì fúngbà díẹ̀, kí wọ́n kàn máa fọwọ́ kan ara wọn láìfi ipá mú ohunkóhun, kí ìyá sì lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àmì ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó ń hanrun gan-an tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá, tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, lè má rí i láàárọ̀ bí òpójẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ dáa. Èyí tó dìde àmọ́ tó rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò tó fi sọ pé ara dá; ó gbọ́dọ̀ le tó èyí tó lè ṣiṣẹ́. Méjèèjì sì lè wà pa pọ̀: ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìbẹ̀rù á gùn ún.

Tí ẹ bá ń lọ bá dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání pẹ̀lú páálí wọn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè dín agbára yìí kù, wọ́n sì lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ẹni tó bá ń lo oògùn nítíréètì fún àyà tó ń dùn ún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, torí tó bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn agbára tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó lè pa á.