Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú yíya àwòrán Sankey fún àgbàdo, láti oko dé ọjà

Àwòrán Sankey ni èyí tí ọ̀já ń ti ibùdó kan bọ́ sí òmíràn, tí ìbú ọ̀já kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí ẹrù tó gba ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Orúkọ ẹnjiníà kan ni wọ́n fi pè é, Matthew Henry Phineas Riall Sankey, tó lò ó ní 1898 láti fi ibi tí agbára ń gbà ṣòfò nínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ hàn. Ìlànà ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ni ìlànà òní: ohun tó bá wọ ibùdó kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó bá jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ ya á fún irè oko, ètò kọ̀ǹpútà tí yóò yà á ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Yíyà gan-an ò le. Ìṣirò tó ṣáájú yíyà ni iṣẹ́ wà, nítorí pé kọ̀ǹpútà yóò ya irọ́ fún yín láì bá yín jiyàn. Àgbàdo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé ó ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí ìṣirò dọ́gba tí ènìyàn ò bá fura sí i, ìyẹn omi inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, kí ẹ má sì kúrò lórí rẹ̀. Kílò ni mo máa ń lò. Lóko, àpò ni wọ́n ń kà. Lọ́dọ̀ alájàpá, àpò náà ni, ṣùgbọ́n àpò tirẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n kún dé orí tí wọ́n sì fi okùn dì í lókè, nígbà tí toko jẹ́ èyí tí wọ́n rán lẹ́nu gbọọrọ. Àpò 100 níbí àti àpò 100 lọ́hùn-ún kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ẹ gbé àpò mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ìwọ̀n wọn pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ti ibùdó kọ̀ọ̀kan sọ àpò ibẹ̀ di kílò. Kí ẹ tún pinnu bóyá ṣùkù wà nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n tàbí kò sí. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àgbàdo tí a ti yọ kúrò lára ṣùkù ni gbogbo ìwọ̀n wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan omi. Ká ní oko méjì ló wà, Oko A kó kílò 6,000, Oko B kó 4,000, àpapọ̀ 10,000. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ọkà sọ pé omi inú rẹ̀ jẹ́ 25%. A sá a títí ó fi wá sí 13% kó tó wọ àká. Kílò mélòó ló yẹ kó kù? Ẹni tó bá yọ 13 kúrò nínú 25 yóò ní 12% ló lọ, pé 8,800 ló yẹ kó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọkà fúnra rẹ̀ ni kì í yí padà, nítorí náà òun la fi ń ṣírò:

```
kílò gbígbẹ = kílò tútù × (100 − omi tútù) ÷ (100 − omi gbígbẹ)
10000 × (100 − 25) ÷ (100 − 13) = 8620
```

Mo gé ìdá kílò tó lé lórí rẹ̀ kúrò. Omi tó jáde jẹ́ 1,380. Ẹni tó fi 8,800 sínú àwòrán rẹ̀ ti ní kílò 180 tí kò sí lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó ń ṣọ́ àká bí olè.

Tí omi oko méjèèjì kò bá rí bákan náà, ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti Oko B bá jẹ́ 20% dípò 25%, kílò 4,000 rẹ̀ yóò di 3,678 lẹ́yìn sísá, kì í ṣe 3,448. Ìyàtọ̀ 230 nìyẹn láti oko kan ṣoṣo.

Kí ẹ má sì ka omi mọ́ àdánù. Kò sí ẹni tó pàdánù ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ fún un ní ibùdó tirẹ̀, kí ọ̀já rẹ̀ ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé gbígbẹ ló gbẹ, kò bàjẹ́.

Ìyókù ìrìn àjò náà rèé. Nínú 8,620 tó gbẹ, a ṣa 420 tó ti bu sọ́tọ̀, ó ku 8,200. A fi 1,200 pamọ́ fún irúgbìn àti jíjẹ, 7,000 wọ àká. Nínú àká, kòkòrò jẹ 300, alájàpá kó 4,200, ilé oúnjẹ adìyẹ kó 2,500. Lọ́nà ọjà, 100 dànù nínú ọkọ̀, 4,100 dé ọjà. Tí ẹ bá fẹ́ lo SankeyMATIC, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán yìí, ohun tí ẹ máa tẹ̀ síbẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
Oko A [6000] Gbígbẹ
Oko B [4000] Gbígbẹ
Gbígbẹ [1380] Omi
Gbígbẹ [8620] Ṣíṣà
Ṣíṣà [420] Èyí tó bu
Ṣíṣà [1200] Irúgbìn àti jíjẹ
Ṣíṣà [7000] Àká
Àká [300] Kòkòrò jẹ
Àká [2500] Oúnjẹ adìyẹ
Àká [4200] Alájàpá
Alájàpá [100] Dànù lọ́nà
Alájàpá [4100] Ọjà
:Omi #9cc3e6
```

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ro gbogbo òpin pọ̀, ìyẹn àwọn ibùdó tí ohunkóhun kì í ti inú wọn jáde mọ́: 1,380, 420, 1,200, 300, 2,500, 100 àti 4,100. Ó jẹ́ 10,000 géérégé. Bí kò bá bá ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba, ẹ má tíì yà á.

Bí ẹ bá ti yà á ná, ojú lè rí àṣìṣe náà. Ètò bíi d3-sankey máa ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú iye tó wọlé àti iye tó jáde, òun ni yóò fi ṣe gíga ibùdó. Nítorí náà, tí 7,000 bá wọ àká tí 6,700 péré sì jáde, ẹ̀gbẹ́ òsì àpótí náà yóò kún fún ọ̀já láti òkè délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yóò sì ní àyè tóóró kan tí ọ̀já kankan kò ti jáde. Àyè tóóró yẹn ni 300 yín. Ó kéré, ó sì rọrùn láti gbójú fò, pàápàá tí àwọ̀ àpótí bá jọ ti ọ̀já. Ẹ fi àwọ̀ dúdú kun àpótí, yóò hàn.

Kí ẹ má kàn dá ọ̀já kan sílẹ̀ tí ẹ pè ní "àdánù" láti fi dí àyè náà. Ẹ wá ìdí rẹ̀. Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á tí omi bá ti kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọkà ọdún tó kọjá tó ṣì wà nílẹ̀ ní àká nígbà tí tuntun wọlé, tí ó sì bá tuntun jáde. Ó nílò ibùdó tirẹ̀ lápá òsì, bí èyí tó kù nílẹ̀ níparí àkókò náà ṣe nílò tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Èkejì ni pé alájàpá kì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbé 8,400, tí 200 sì dànù, ìdajì ẹrù náà ló jẹ́ tiwa, nítorí náà 100 ni àdánù tiwa. Ẹni tó bá kọ gbogbo 200 sílẹ̀ ti gba àdánù oko ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dá padà. Ilé oúnjẹ adìyẹ lè kọ àpò kan nítorí omi rẹ̀, kí ó padà sí ibi sísá. Bí ẹ bá ya ọ̀já tó ń padà sẹ́yìn, d3-sankey yóò kọ̀, yóò sì kọ `circular link`. Tó bá kéré, iye tí wọ́n gbà níkẹyìn nìkan ni kí ẹ kọ. Tó bá pọ̀ débi pé òun gan-an ni ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ ṣẹ̀dá ibùdó mìíràn, "Gbígbẹ kejì", kí ìrìn náà máa lọ síwájú.

Orúkọ ibùdó tún wà níbẹ̀, èyí sì kan àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ̀wé ju àwọn mìíràn lọ. "Àká" àti "Aka", ibùdó méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó burú jù ni kí méjèèjì rí bákan náà lójú wa: pátákó ìtẹ̀wé kan lè kọ lẹ́tà àti àmì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, òmíràn a kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, a wá fi àmì lé e. Ẹ ó rí àká méjì lórí àwòrán, ọ̀kan gba gbogbo ẹrù láìfi ohunkóhun ránṣẹ́, èkejì ń fi ẹrù ránṣẹ́ láìgba ohunkóhun. Ẹ kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àwọn tó bá ń lo Plotly, ètò mìíràn tó ń ya á, kò ní pàdé ìyẹn, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ibùdó níbẹ̀, ṣùgbọ́n 0 ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀:

```
label  = ["Oko A", "Oko B", "Gbígbẹ", "Omi", "Ṣíṣà"]
source = [0, 1, 2, 2]
target = [2, 2, 3, 4]
value  = [6000, 4000, 1380, 8620]
```

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 lè rí àwòrán tó dán, àmọ́ tí oko ń fi ọkà ránṣẹ́ sí omi. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò jáde.

Nípa ohun tí ẹ ó kọ sára ọ̀já, kílò ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ẹ sọ inú kí ni. Èyí tí kòkòrò jẹ jẹ́ 3% nínú ohun tó jáde lóko, ó sì jẹ́ 4.3% nínú ohun tó wọ àká. Ẹni tó ń tọ́jú àká yóò fẹ́ èkejì, nítorí omi tó gbẹ kò kàn án.

Ìbú ọ̀já náà ní òpin ohun tó lè fi hàn. Bí gíga 10,000 bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lórí ìwé, 100 tó dànù lọ́nà yóò jẹ́ mìlímítà 1. Bí àwọn oníbàárà kéékèèké bá pọ̀, mo máa ń pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀já kan. Èmi kì í pa àdánù pọ̀ ní tèmi, bó ti wù kó kéré tó, nítorí èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ kò ní àtúnṣe kan náà: pípẹ́ kí a tó sá a ló fa ti àkọ́kọ́, àká tí kò dí dáadáa ló fa ti èkejì. Owó kò sì gbọdọ̀ wọ àwòrán yìí rárá. Kílò kan ní oko àti kílò kan ní ọjà kì í ṣe iye owó kan náà, bí a bá sì fi owó wọn ìbú ọ̀já, yóò máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ ọjà, ìṣirò ibùdó kankan kò sì ní dọ́gba mọ́. Ẹ ya ti owó lọ́tọ̀ tí ẹ bá nílò rẹ̀.