Bí mo ṣe mọ̀ pé orin tí mo pè ní ti ọdún 1975 kì í ṣe ti ọdún náà

Iṣẹ́ gbígbé ẹ̀rọ orin lọ sí òde ni mo ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Ekiti. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Adó ní kí n fi “No Woman, No Cry” ti Bob Marley sí àárín orin ayẹyẹ ọjọ́ ìbí òun. Ó tẹnu mọ́ ọn pé èyí tí wọ́n gbà ní gbọ̀ngàn Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù keje ọdún 1975, tí ó wà nínú àwo “Live!”, ni òun fẹ́. Mo ní ọ̀kan nínú fíláàṣì mi tí ẹnìkan ti kọ 1975 sí lórúkọ, mo sì gbé e lọ fún bàbá gbọ́. Kò tíì pẹ́ tí ó fi na ọwọ́ sókè.

“Ọmọ mi, èyí kọ́.”

“Bàbá, èrò ń bá a kọrin níbẹ̀, sà.”

“Ibo ni wọn kì í ti í bá a kọ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là mí lójú. Lóòótọ́, ariwo èrò ya orin ojú agbo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nínú “Natty Dread” ní ọdún 1974, tí ó kúrú, tí ẹ̀rọ sì ń lu ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo “Live!” yìí gan-an ni ó sọ orin náà di ti gbogbo ayé, nítorí náà ibikíbi tí Marley bá ti kọ ọ́ lẹ́yìn náà, èrò ti mọ ègbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ègbè èrò nìkan kò lè sọ ọdún tàbí ìlú fún ọ.

Nígbà tí mo padà délé, mo fi àárín orin náà sílẹ̀, mo sì gbọ́ eteetí rẹ̀. Ẹni tí ó gé e kò gé e mọ́: ní ìparí, bí àtẹ́wọ́ ti ń lọ sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orin mìíràn ti wọlé, “Jamming” sì ni. Ọdún 1977 ni “Jamming” jáde, nínú àwo “Exodus”, orin tí ó sì tẹ̀lé “No Woman, No Cry” nínú àwo Lyceum ni “I Shot the Sheriff”. Mo wá padà sí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó ṣáájú, tí mo ti máa ń fò tẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ìparí “Zion Train”, tí ó jáde nínú àwo “Uprising” ní ọdún 1980. Orin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí à ń wá ti fi ọdún rẹ̀ hàn wá báyìí, nítorí pé Marley kò kọrin lójú agbo mọ́ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 1980.

Ìlú wo ni? Ibẹ̀ ni ó ti nira. Ẹgbẹ́ orin tí ó wà lórí ìrìn-àjò kì í sábà yí ètò orin padà láti ìlú dé ìlú, nítorí náà pé ètò bára mu kò tó ẹ̀rí. Orúkọ ìlú tí olórin bá pè láàárín orin méjì ni ó dára jù, bí ti àwọn olórin wa tí wọ́n máa ń pe olóde àti ìlú rẹ̀ títí kò fi sí àní-àní mọ́. Fáìlì mi kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú “Live Forever”, àwo Marley mìíràn tí wọ́n gbà ní Pittsburgh ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, mo sì gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ tèmi, etí kan sí ìkan. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe bákan náà: súfèé kan lẹ́yìn ìlà kejì, ìtẹ́wọ́ tí ó ya kúrò lára ìlù. Nínú tèmi, ẹnìkan súfèé gan-an kí Marley tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta. Nínú ti Pittsburgh, n kò gbọ́ súfèé níbẹ̀.

Kí n tó gbà pé tèmi kì í ṣe ti Pittsburgh, mo yẹ ìyára rẹ̀ wò, nítorí pé fáìlì tí wọ́n ti inú kásẹ́ẹ̀tì gbà lè yá jù, ohùn yóò sì gòkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyára nìkan ni ó yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò máa pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tèmi ń ṣáájú níbì kan, ó sì ń kẹ́yìn níbòmíràn, èyí tí ó fi hàn pé alẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Mo pa 1975 rẹ́ lára fáìlì náà, mo kọ “1980, ìlú kò tíì yé mi” sí i. Mo wá ra ti Lyceum gan-an fún bàbá, ó sì jókòó tì í títí àtẹ́wọ́ ìkẹyìn fi parẹ́.