Yáàdì, ínṣì àti mítà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ kọ́tìnnì

Kọ́tìnnì ni mò ń rán n'Ìbàdàn, Gbági ni mo sì ti ń ra aṣọ. Mítà ni àwọn oníbàárà fi ń wọn fèrèsé ránṣẹ́ sí mi, yáàdì ni ọlọ́jà fi ń tà, ínṣì sì ni mo máa ń kà lára téèpù ọrùn mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fẹ́ kí n yọ fóònù ṣírò níwájú ọlọ́jà. Ó ní bí ọlọ́jà bá ti rí i pé o ò mọ iye yáàdì tó o fẹ́, òun ni yóò bá ọ ṣe ìṣirò náà.

Nǹkan mẹ́ta péré ló ní kí n há sórí. Ínṣì 4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ mítà 3. Yáàdì 10 jẹ́ mítà 9. Tí mo bá fẹ́ sọ yáàdì di mítà, mo máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò: yáàdì 20, yọ 2, ó ku mítà 18. Tí mo bá ń ti mítà bọ̀ sí yáàdì, mo máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un: mítà 20 di yáàdì 22. Ti ínṣì, mo máa pín in sí mẹ́rin, kí n wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ínṣì 60 di 15, ó di sẹ̀ǹtímítà 150.

Ohun tí ọ̀gá mi kò sọ, tí èmi fúnra mi wá rí nígbà tó yá, ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dín díẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi dín. Láti ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ti fẹnu kò pé ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54 gẹ́lẹ́. Àwa ń kà á sí 2.5. Ínṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà, 36 ló wà nínú yáàdì, nítorí náà àìtó ti ínṣì ló bá àwọn yòókù lọ. Lórí mítà kọ̀ọ̀kan tó o bá rí, fi sẹ̀ǹtímítà 1.6 kún un, ó pé. Wo yáàdì 10: mítà 9, 1.6 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 14.4, àpapọ̀ rẹ̀ mítà 9.144. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ẹ jẹ́ ká fi fèrèsé pálọ̀ kan dán an wò. Ó fẹ̀ ní mítà 2.4, láti ibi irin dé ilẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.7. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un fún ìṣẹ́po òkè àti ti ìsàlẹ̀, ègé kan wá di mítà 3. Kí kọ́tìnnì tó lè ṣẹ́ dáadáa, ìbú aṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé, ìyẹn mítà 4.8. Aṣọ náà fẹ̀ ní ínṣì 60, mítà kan àbọ̀ nìyẹn. Ègé mẹ́ta á fún mi ní 4.5, kódà tí mo bá fi sẹ̀ǹtímítà bíi 7 tó dín kún un, kò tó. Ègé mẹ́rin ni, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Mítà 12. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 1.2, nítorí náà yáàdì 13.2. Mo ra mẹ́tàlá àbọ̀.

Ọlọ́jà kan lè sọ fún ọ pé yáàdì àti mítà, ọ̀kan náà ni. Tó o bá gbà, tó o sì ra yáàdì 12, mítà 11 ó dín díẹ̀ lo gbé lọ sílé. Ègé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mítà 2.74: ó kan ilẹ̀, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 4 péré ló kù fún ìṣẹ́po.

Fífi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún mítà máa ń pọ̀ díẹ̀, bí ínṣì méjì lé díẹ̀ lórí mítà 10, èyí sì dára fún ẹni tó ń ra aṣọ. Irin kọ́tìnnì kò rí bẹ́ẹ̀, torí irin kò ní ìṣẹ́po. Irin ẹsẹ̀ bàtà 8 nínú ìṣirò orí jẹ́ mítà 2.4, àmọ́ ní tòótọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.44. Bí wẹ́dà bá gé 2.4 fún ibi tó wà láàárín ògiri méjì, kò ní dé orí ìkọ́. Fún irin, téèpù tó ní mítà lápá kan ni kó o lò.

Ilẹ̀ ni mo tún máa ń ṣọ́ra fún, nítorí àìtó náà á wọ inú òró àti ìbú. Púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, tó o bá kà á sí mítà 18 sí 36, jẹ́ mítà 648 níbùú lóròó, iye tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ l'Ékòó sì ń pè ní púlọ́ọ̀tì kan nìyẹn. Àmọ́ 60 sí 120 gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 669. Ohun tó wà láàárín méjèèjì tó yàrá ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 15.